U inú URL kì í ṣe U inú USB

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ kíláàsì kẹfà ni mí. Ìwé kan ní U tó wà nínú URL ni “Universal”, òmíràn ní “Uniform” ni. Èwo ni kí n fi kọ́ àwọn ọmọ? Ẹ bá mi la HTTP àti USB náà yé, torí mo ti há wọn sórí láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Olùkọ́. “Uniform” ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Uniform Resource Locator ni URL, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé àṣẹ tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1994. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ “Universal” sínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò kàn dédé hùmọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹni tí ó dá irú àdírẹ́sì yìí sílẹ̀ fẹ́ lò tẹ́lẹ̀.

Tim Berners-Lee ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibùdó ìwádìí CERN tí ó wà lẹ́bàá ìlú Jẹ̀nífà ní Súwísàlándì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó gbé àbá ohun tí ó di World Wide Web kalẹ̀ ní ọdún 1989. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń wọlé tí wọ́n ń jáde níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn kò jọra, ibi tí oníkálukú ń kó ìwé pa mọ́ sí kò sì jọra, tí ó fi jẹ́ pé ìwé tí ẹnì kan kọ nínú yàrá kan lè ṣòro fún ẹni tí ó wà ní yàrá kejì láti rí. Ohun tí Berners-Lee ń fẹ́ ni pé kí gbogbo ìwé, níbikíbi tí ó bá wà lágbàáyé, ní orúkọ kan tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè fi wá a kàn. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ó fi síta ní oṣù Kẹfà ọdún 1994 fi ń sọ̀rọ̀ nípa “Universal Resource Identifiers”. Nígbà tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú IETF, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí ń ṣe òfin ayélujára, àwọn kan níbẹ̀ ní ìgbéraga wà nínú “Universal”, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ gbogbo ayé lórúkọ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì gbà fún wọn. “Universal” di “Uniform”, “Identifier” sì di “Locator”. Ìwé oṣù Kejìlá tí mo mẹ́nu bà lókè, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RFC 1738, ni ó gbé orúkọ tuntun náà jáde, orúkọ Berners-Lee fúnra rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn méjì mìíràn. (RFC náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Request for Comments, ìyẹn ni pé, ẹ wá sọ èrò yín sí i. Ìwé tí ń tọrọ èrò ni orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ òun náà ni òfin.)

Kò ní ṣòro fún yín láti la “Uniform” yé àwọn ọmọ, nítorí pé ó wà lára wọn. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé kò sọ pé gbogbo ọmọ ayé ni ó ń wọ̀ ọ́, ohun tí ó sọ ni pé bákan náà ni wọ́n ṣe rán an fún gbogbo ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni URL ṣe rí. Ìbáà jẹ́ àwòrán, orin tàbí èsì ìdánwò ni ẹ ń wá, bákan náà ni wọ́n ṣe to àdírẹ́sì rẹ̀. “Resource” ni ohun tí ẹ ń wá, “Locator” sì ni atọ́ka tí ń sọ ibi tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan tí àwọn ọmọ lè tẹ̀ fúnra wọn:

```
https://yo.wikipedia.org/wiki/Ìbàdàn
```

Ohun tí ó wà ṣáájú àmì kólọ́ọ̀nù, ìyẹn `https`, ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò gbà bá ibi tí ó ń lọ sọ̀rọ̀. Sìláàṣì méjì tí ó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Berners-Lee fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní ọdún 2009 pé òun ì bá ti yọ ọ́ kúrò, ká ní òun mọ̀ bí bébà àti àsìkò tí yóò fi ṣòfò yóò ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn wọn ni orúkọ ilé, `yo.wikipedia.org`, èyí tí a máa ń kà láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì bí ẹni ń ka àdírẹ́sì láti orí ìlú wá sí orí yàrá: `org` ni àdúgbò ńlá, `wikipedia` ni agbo ilé, `yo` sì ni ẹ̀ka Yorùbá nínú agbo ilé náà. Láti sìláàṣì ẹyọ kan tí ó tẹ̀lé e títí dé òpin ni ọ̀nà inú ilé, tí ń tọ́ka sí ojú-ewé tí ẹ fẹ́ gan-an.

Ẹ ó kíyè sí i pé mo fi àmì ohùn sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá da irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kọ, tí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àtẹ̀jíṣẹ́, lè rí ohun tí ó dà bíi wèrè yìí:

```
https://yo.wikipedia.org/wiki/%C3%8Cb%C3%A0d%C3%A0n
```

Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Lẹ́tà A sí Z ti Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àwọn àmì díẹ̀ ni òfin gbà láyè nínú URL. Lẹ́tà tí ó bá ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ kí ó tó wọlé, ìdí nìyẹn tí “Ì” fi di `%C3%8C`, tí “à” sì di `%C3%A0`. Ẹ ó rí i pé `b`, `d` àti `n` dúró láìyípadà, nítorí pé wọn kò ní àmì kankan. Mo ti bá àwọn tí wọ́n pa irú líǹkì bẹ́ẹ̀ rẹ́ pàdé, wọ́n rò pé ti àwọn gbájú-ẹ̀ ni, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ìlú wọn ni ó wà níbẹ̀.

Hypertext Transfer Protocol ni HTTP. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ẹ̀yìn, nítorí pé P ìkẹyìn ni ó gbé ẹrù jù. “Protocol” ni ìlànà tí ẹni méjì ti jọ fọwọ́ sí pé báyìí ni àwọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí apàlọ́ bá ní “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ mọ̀ pé “Ààlọ̀!” ni àwọn yóò dá lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ìtàn kò ní bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń ṣàlàyé òfin yẹn lálaalẹ́, gbogbo ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ó wà láàárín bùráúsà tí ó wà lórí fóònù yín, bíi Chrome tàbí Firefox, àti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a kó ojú-ewé pa mọ́ sí. “Transfer” ni gbígbé nǹkan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. “Hypertext” sì ni ọ̀rọ̀ tí ó kọjá ojú-ewé tí a kọ ọ́ sí, tí ẹ lè tẹ̀ kí ó gbé yín lọ sí ojú-ewé mìíràn. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Ted Nelson, ni ó fún un lórúkọ ní ọdún 1965, nígbà tí kò tíì sí Web rárá.

Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì Ìbàdàn yẹn, ohun tí bùráúsà yín yóò sọ fún sáfà kò ju báyìí lọ, bí a bá yọ àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́ kúrò:

```
GET /wiki/%C3%8Cb%C3%A0d%C3%A0n HTTP/1.1
Host: yo.wikipedia.org
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Ẹ fún mi ní ohun tí ó wà ní ọ̀nà yìí, ilé yìí ni mo wá.” Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe gé URL náà sí méjì, ọ̀nà inú ilé bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, orúkọ ilé bọ́ sí ìkejì. Sáfà yóò dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣáájú kí ó tó gbé ojú-ewé náà lé yín lọ́wọ́:

```
HTTP/1.1 200 OK
```

200 túmọ̀ sí pé ó wà, òun nìyí. Ẹ kì í rí nọ́ńbà yìí nítorí pé nígbà tí nǹkan bá lọ dáadáa, bùráúsà kì í sọ ọ́ síta. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni 404, tí ó túmọ̀ sí pé, “Ẹ dé ilé wa, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ béèrè, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò sí níbí.” Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀. Bí ẹ bá ṣi ọ̀nà inú ilé kọ, bóyá ẹ fi “n” méjì kún Ìbàdàn, sáfà ni yóò dáhùn, 404 ni yóò sì sọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé ni ẹ ṣì kọ, tí kò sì sí ẹni tí ó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sí sáfà kankan tí yóò dáhùn, nítorí pé ẹ kò tíì dé ibì kankan. Bùráúsà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun kò rí ibẹ̀, Chrome a sì máa kọ `DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN` sísàlẹ̀. DNS tí ẹ rí níbẹ̀ yẹn ni Domain Name System, ìyẹn ìwé orúkọ tí ń yí orúkọ ilé padà sí nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sọ fún yín pé líǹkì kò ṣí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó rí lójú fóònù. 404 ní kí ó tún apá ìkẹyìn wò, NXDOMAIN ní kí ó tún apá àárín wò.

S tí ó wà ní ẹ̀yìn HTTPS ni “Secure”. Iléeṣẹ́ Netscape ni ó mú un wọlé ní ọdún 1994. HTTP lásán dà bíi lẹ́tà tí a kò fi sínú àpòòwé, tí gbogbo ẹni tí ó gbà kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lè kà. S yìí ló fi í sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Ẹni tí ó ni Wáífáì tí ẹ ń lò ní káfè lè ṣì mọ̀ pé ẹ lọ sí `yo.wikipedia.org`, nítorí pé orúkọ ilé wà lẹ́yìn àpòòwé, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé Ìbàdàn ni ẹ kà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n rò pé S yìí ń jẹ́rìí sí ìwà ẹni tí ó ni ilé náà. Kò jẹ́rìí sí i rárá. Àpòòwé tí a lẹ̀ pa dáadáa lè wọ ilé olè. Ẹ wo èyí:

```
https://yo.wikipedia.org.ayederu.example/wiki
```

Ó ní S, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni rere. Ẹ wá kà á bí mo ṣe ní kí ẹ máa kà á, láti ọwọ́ ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ láti sìláàṣì ẹyọ kan: `example` ni àdúgbò, `ayederu` ni agbo ilé, gbogbo `yo.wikipedia.org` tí ó ṣáájú sì ti di orúkọ yàrá lásán nínú ilé oníayédèrú. (`example` yìí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, ẹnikẹ́ni kò lè rà á, nítorí náà ẹ lè kọ ọ́ sójú pátákó láìbẹ̀rù.) Bí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ ní ìkàwé láti ọ̀tún yìí nìkan, ẹ ti kọ́ wọn ní ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ “báńkì” kò mọ̀.

USB ni Universal Serial Bus, U tirẹ̀ sì ni “Universal” lóòótọ́. Mo fura pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ìwé ti ń kó o wá sínú URL. Ẹni tí ó bá lo kọ̀ǹpútà ṣáájú ọdún 1996 yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ohun kan fún gbogbo rẹ̀. Ihò ti kíbọọ̀dù yàtọ̀, ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yàtọ̀, ti módẹ́ẹ̀mù náà yàtọ̀, bí ẹ bá sì so òmíràn mọ́ ọn, àfi kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tún tàn án. Iléeṣẹ́ méje, tí Intel, IBM àti Microsoft wà lára wọn, ni ó fìmọ̀ ṣọ̀kan gbé USB jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1996 kí ihò kan lè gba gbogbo rẹ̀.

“Bus” yẹn bá ọkọ̀ tí a ń wọ̀ tan ní ti ọ̀rọ̀. Láti inú “omnibus” ti èdè Látìn ni méjèèjì ti wá, tí ó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn”. Dánfó kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹni tí ó bá ti sanwó ni yóò wọ̀ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀sì ni ọ̀nà tí oríṣiríṣi ẹ̀rọ jọ ń gbà. Nítorí náà, àwọn tí ń pe fláàṣì ní “USB” ń fi orúkọ títì pe ọkọ̀. Fláàṣì, máòsì àti fóònù ni wọ́n ń rìn lórí rẹ̀.

“Serial” ni ó sọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ní wáyà mẹ́jọ fún ọ̀rọ̀ nìkan, tí bíìtì mẹ́jọ jọ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nígbà tí ti USB ń rìn lẹ́yìn ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu pé èyí tí ń tò lẹ́yìn ara wọn ló padà wá yá jù. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn mẹ́jọ tí ó jọ ń rìn gbọ́dọ̀ jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí eré bá ti pọ̀ jù, wáyà kan yóò ṣáájú, òmíràn yóò rẹ̀yìn, ẹni tí ń gbà wọ́n kò sì ní mọ èyí tí ó bá èyí rìn. Ẹni tí ó tò lẹ́yìn ara rẹ̀ kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, ó lè sáré bí ó bá ṣe fẹ́. USB ti ọdún 1996 ń gbé mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ọdún 2000, tí wọ́n ń pè ní USB 2.0, sì ń gbé 480. Báìtì kan ní bíìtì mẹ́jọ, nítorí náà 12 jẹ́ mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀, 480 sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 60. Àwòrán ìgbéyàwó tí ó tó mẹ́gábáìtì 600 yóò gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú méje lórí ti àkọ́kọ́ àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lórí ti èkejì, lórí ìwé ni o, nítorí pé kò sí èyí tí ń dé òpin eré rẹ̀ lójú ayé.

Àwòrán ìgbéyàwó ni ó sì kọ́ mi ní èyí tí ó kù. Mo ra okùn kan ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń fi iná sí fóònù mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú fóònù kí n tó mú abẹ tí mo fi bó okùn náà. Okùn USB 2.0 tí ó pé ní wáyà mẹ́rin: pupa tí ń gbé iná fóltì 5, dúdú tí iná ń gbà padà, àti funfun pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí àwọn méjèèjì ń gbé ọ̀rọ̀. Pupa àti dúdú nìkan ni mo bá nínú tèmi. Wọ́n ti yọ S kúrò nínú USB náà, iná nìkan ló kù. Bí ẹ bá ní okùn tí ẹ fura sí, ẹ kò nílò abẹ. Ẹ fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí fóònù náà sílẹ̀. Bí fóònù bá ń gba iná tí kò sì béèrè bóyá kí òun gbé fáìlì, ẹ fi okùn mìíràn dán an wò. Bí èkejì bá mú kí ó béèrè, okùn àkọ́kọ́ ni kò ní wáyà ọ̀rọ̀.

Ẹnu ihò kò lè sọ èyí fún yín. Ẹnu pẹlẹbẹ tí ó ń wọlé lójú méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní USB-C, jẹ́ orúkọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí nìkan, kì í ṣe ti eré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ okùn USB-C tí ó ń bá fóònù wá, eré USB 2.0 ti ọdún 2000 yẹn ni ó ṣì ń sá.

Ní ti máàkì, bí ọmọ bá kọ “Universal Resource Locator”, èmi yóò fún un ní ìdajì, n ó sì kọ “1994” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó wá bi mí ní ìdí. Ẹni tí ó bá kọ “Uniform Serial Bus” kò ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi, nítorí pé kò sí ìgbà kankan tí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Bí okùn àtijọ́ kan bá sì wà nílé tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ mú un lọ sí kíláàsì pẹ̀lú abẹ, kí àwọn ọmọ ka wáyà inú rẹ̀ fúnra wọn.